Ìgbéyàwó Tuntun, Ọmọ Tuntun, Ilẹ̀ Tí A Tà: Ìhágún Àtijọ́ Ńkọ́?

Àwọn àgbà tó fẹ̀yìn tì sí Ekinrin-Adde láti ẹnu iṣẹ́ ìjọba ní Kàdúná, Ìlọrin, Lọ́kọ́ja àti Àbújá kì í ṣe ẹni tó ń sá fún ìwé. Púpọ̀ nínú wọn ti ṣe olùkọ́, àwọn mìíràn ti ṣe akọ̀wé àgbà ní ọ́fíìsì ìjọba. Nínú irú wọn la ti ń rí ẹni tó lọ jókòó ti lọ́yà, tó kọ ìhágún rẹ̀ sílẹ̀, tó fi ìwé náà pamọ́, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìyàwó àárọ̀ kú, bàbá fẹ́ òmíràn. Ọmọ kan tún dé nígbà tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀. Owó ilé ìwòsàn dé, wọ́n ta ilẹ̀ kan. Ìwé ìhágún wà nínú àpótí níbi tó wà, kò sì sí ẹni tó tún un wò títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí ìwé yẹn, àwọn kan nínú ẹbí á ní ohun tí bàbá kọ ni abẹ gé, kò sí ohun tó lè yí i. Àwọn mìíràn á ní bàbá tó kọ ọ́ kò tíì fẹ́ ìyàwó yìí, kò tíì bí ọmọ yìí, nítorí náà ìwé náà ti di àtijọ́. Kò sí èyí tó tọ̀nà pátápátá nínú méjèèjì. Lójú òfin, ìgbéyàwó tuntun lè pa ìhágún rẹ́ látòkè délẹ̀. Ìbí ọmọ kì í pa ohunkóhun rẹ́ nínú rẹ̀. Títa dúkìá máa ń pa ẹ̀bùn kan ṣoṣo rẹ́, á sì fi ìyókù sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ mẹ́ta yìí lè lọ fi ìwé pélébé kan tún ohun tó ti kú ṣe, tàbí kí ó máa dààmú lórí ohun tí kò ní wàhálà kankan.

Gbòǹgbò òfin náà kò ṣòro tọ̀. Ilẹ̀ Ọ̀kun wà nínú Àgbègbè Kàbà ní ìjọba Àríwá àtijọ́, àwọn òfin Ìlú Ọba tó wà nílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ni Àríwá sì jogún. Ọ̀kan nínú wọn ni Òfin Ìhágún ti ọdún 1837. Lọ́dún 1971, nínú ẹjọ́ Adesubokan àti Yinusa tó wá láti Àríwá, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé Mùsùlùmí pàápàá lè kọ ìhágún lábẹ́ òfin yẹn. Láti Kwara tí a ti wà tẹ́lẹ̀ títí di ìgbà tí wọ́n dá Kogi sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, ojú ọ̀nà tí òfin 1837 là sílẹ̀ ni àwọn lọ́yà àti adájọ́ wa ń tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Kì í ṣe ìtàn ẹnikẹ́ni, àwa ni a gbé e kalẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè yé ara wa. Ká sọ pé olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì kọ ìhágún rẹ̀ ní ọdún 2011. Ó ní ilé kan ní Ekinrin-Adde, ó kọ ọ́ pé, “Ilé mi ní Ekinrin-Adde di ti ìyàwó mi.” Ó ní pílọ́ọ̀tì kan ní Lokongoma, ní Lọ́kọ́ja, ó kọ ọ́ fún àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin. Oko kaṣú kan wà tó fi owó ara rẹ̀ rà, kì í ṣe ilẹ̀ ẹbí. Ó kọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, ó dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìparí, ó ní kí àwọn mẹ́ta náà pín gbogbo ohun yòókù tí òun bá ní lọ́jọ́ ikú ní ọgbọọgba. Ìwé tó dára ni. Ní 2015 ìyàwó rẹ̀ kú. Ní 2018 ó fẹ́ ẹlòmíràn. Ní 2020 wọ́n bí ọmọbìnrin kan. Ní 2022 ó ta pílọ́ọ̀tì Lokongoma, ó sì fi owó rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin sí Kàbà. Kò fọwọ́ kan ìwé 2011.

Ìbéèrè tó ṣáájú ohun gbogbo ni irú ìgbéyàwó tó ṣe ní 2018. Òfin 1837 sọ pé ìgbéyàwó máa ń pa ìhágún tó ti wà nílẹ̀ rẹ́. Àwọn ilé ẹjọ́ wa kò ka ìgbéyàwó ìbílẹ̀ mọ́ èyí. Òfin Ìhágún ti Ìwọ̀-oòrùn àtijọ́, ti ọdún 1958, tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé ìgbéyàwó lábẹ́ àṣà kì í pa ìhágún rẹ́. Èyí tí òfin ń wí ni ìgbéyàwó lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó ti ìjọba, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní ìgbéyàwó kóòtù, àti ti ṣọ́ọ̀ṣì tó bá tẹ̀lé òfin kan náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé ni ti ṣọ́ọ̀ṣì. Kì í ṣe gbogbo ìgbéyàwó tí pásítọ̀ bá gbàdúrà sí ni òfin ìjọba kà sí tirẹ̀. Kí ó tó jẹ́ ti òfin, ọkọ àti ìyàwó á ti lọ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹjísítrà ìgbéyàwó, wọ́n á lẹ ìwé ìkéde mọ́ ibi tí gbogbo ayé lè rí i fún ọjọ́ 21, rẹjísítrà á sì fún wọn ní ìwé àṣẹ. Láàárín oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ lo ìwé àṣẹ yẹn, ní ọ́fíìsì rẹjísítrà tàbí ní ilé ìjọsìn tí ìjọba fún ní láísẹ́ńsì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èyí tí òun ṣe kò nílò lọ́yà kó tó mọ̀ ọ́n. Kí ó rántí bóyá òun dé ọ̀dọ̀ rẹjísítrà kí ayẹyẹ tó wáyé, kí ó sì wo ìwé ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìdána ni wọ́n ṣe ní ilé bàbá ìyàwó ní Iyara, tí wọ́n wá lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, tí kò sí rẹjísítrà níbẹ̀ rárá, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ló ṣe, ìhágún 2011 ṣì wà láàyè.

Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀nà méjèèjì dé òpin.

Bó bá jẹ́ ìbílẹ̀, ìwé ṣì wà, àmọ́ ẹ wo ohun tó sọ. Ó ní “ìyàwó mi” ló ni ilé Ekinrin-Adde. Ìyàwó wo? Nínú ọ̀rọ̀ ènìyàn, ọjọ́ tí a kọ ìwé ni kóòtù máa ń wò. Ìyàwó tó wà nílé ní 2011 ni ọ̀rọ̀ náà tọ́ka sí, ìyẹn sì ti kú. Ẹ̀bùn tí a fún ẹni tó kú ṣáájú ẹni tó fúnni ti já sófo. Ilé náà bọ́ sínú “gbogbo ohun yòókù,” àwọn ọmọ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sì ni ín. Obìnrin tó ń gbé inú ilé náà láti 2018, tó tọ́jú bàbá nígbà àìsàn, kò ní yàrá kan nínú rẹ̀ lábẹ́ ìwé yẹn. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní 2020 náà kò ní nǹkan kan, torí pé àwọn mẹ́ta ni bàbá dárúkọ. Ká ní ó ti kọ “àwọn ọmọ mi” láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, gbogbo ọmọ tó bá wà láàyè lọ́jọ́ ikú rẹ̀ ni ì bá wọlé, títí kan èyí tí wọ́n bí lẹ́yìn ìwé. Orúkọ mẹ́ta yẹn ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ kékeré náà síta. Òfin 1837 sì sọ ọ́ ní gbangba pé a kò gbọdọ̀ sọ pé ìhágún ti kú kìkì nítorí pé ipò ẹni tó kọ ọ́ ti yí padà. Kóòtù kò ní bá a méfò pé bàbá ì bá rántí ọmọ rẹ̀. Ní Èkó, òfin ìhágún tiwọn fún ìyàwó tàbí ọmọ tí ìhágún gbójú fò láyè láti bẹ kóòtù pé kí wọ́n wá nǹkan fún òun. Òfin 1837 kò ní irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀.

Pílọ́ọ̀tì Lokongoma ńkọ́? Ó ti lọ, ẹ̀bùn àkọ́bí sì ti bá a lọ. Ohun kan pàtó ni bàbá fún un, ohun náà kò sì sí nínú dúkìá rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ ikú. Àkọ́bí kò lè sọ pé owó ilẹ̀ òun ni wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù Kàbà, kí wọ́n kó ṣọ́ọ̀bù fún òun. Ẹ̀bùn tí a tà kì í tẹ̀lé owó rẹ̀ wọ inú ohun tí owó náà rà. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ inú “gbogbo ohun yòókù,” nítorí pé nínú ọ̀rọ̀ dúkìá, ọjọ́ ikú ni ìhágún ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tí a kọ ọ́. Àkọ́bí á bá àwọn àbúrò rẹ̀ méjì pín ṣọ́ọ̀bù náà ní ìdá mẹ́ta. Ká ní ìdajì pílọ́ọ̀tì ni bàbá tà, ìdajì tó kù á ṣì jẹ́ ti àkọ́bí. Títa apá kan kì í pa apá tó ṣẹ́kù rẹ́.

Ní báyìí, bó bá jẹ́ pé kóòtù ni wọ́n ti ṣègbéyàwó ní 2018, ìhágún 2011 kú lọ́jọ́ yẹn. Ilé, oko kaṣú, pílọ́ọ̀tì, ìpín àwọn ọmọ, àwọn tó yàn pé kí wọ́n bójú tó ogún, gbogbo rẹ̀ parẹ́ pọ̀. Bàbá kò mọ̀. Lọ́yà rẹ̀ ní Ìlọrin tàbí Kàdúná kò gbọ́ nípa ìgbéyàwó náà. Nígbà tó bá kú, ó kú bí ẹni tí kò kọ ìhágún rí, àwọn ọmọ àkọ́kọ́ á sì mú ìwé tó dára jáde tí kò ní agbára kankan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé kí wọ́n pín in bí àṣà ṣe wí. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tí Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù dá ní ọdún 1962 lórí dúkìá ọkùnrin kan tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, wọ́n ní ìdí-igi ni àṣà Yorùbá tó gbilẹ̀, pé iye ìyàwó ni a fi ń pín, kì í ṣe iye ọmọ. Bí ẹbí bá gba ọ̀nà yẹn nínú àpẹẹrẹ wa, ìdí méjì ló wà. Àwọn ọmọ mẹ́ta àkọ́kọ́ á kó ìdajì, ọmọdébìnrin kan ṣoṣo á kó ìdajì, ìyá rẹ̀ kò sì ní ní ìpín tara rẹ̀. Bóyá àṣà ló yẹ kí a lò fún ẹni tó gbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba tún jẹ́ ẹjọ́ tí lọ́yà méjì lè jà lé lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó rẹ̀ á sì máa ti inú ṣọ́ọ̀bù Kàbà jáde.

Kókó kan wà tí àwọn tó ní ọmọ ní òkè òkun gbọ́dọ̀ mọ̀. Àwọn tọkọtaya àgbà kan máa ń lọ ṣe ìgbéyàwó kóòtù lẹ́yìn ogún ọdún tí wọ́n ti jọ wà, torí pé ọmọ wọn fẹ́ mú wọn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, ẹ́ḿbásì sì béèrè ìwé ẹ̀rí. Ṣé èyí náà pa ìhágún tí bàbá ti kọ sẹ́yìn? Ẹjọ́ Jadesimi àti Okotie-Eboh, tó dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní ọdún 1996, dáhùn rẹ̀. Olóògbé Festus Okotie-Eboh, mínísítà ètò ìṣúná tí wọ́n pa nínú ìdìtẹ̀gbàjọba oṣù kìíní ọdún 1966, ti fẹ́ ìyàwó rẹ̀ lábẹ́ àṣà, ó kọ ìhágún, lẹ́yìn náà ó tún bá obìnrin kan náà ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin. Ilé ẹjọ́ sọ pé ìhágún náà kò kú, nítorí pé ìyàwó tuntun kọ́ ló fẹ́. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìdájọ́ yẹn jáde, ẹ wo bí ìbéèrè kan lórí ọjọ́ ìgbéyàwó ṣe lè pẹ́ tó lọ́wọ́ àwọn ọmọ.

Kí ló yẹ kí bàbá yìí ti ṣe? Bí ìhágún rẹ̀ bá ṣì wà láàyè, ìwé àfikún ìhágún tó, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní kódísìlì. Ìwé kékeré ni, ó lè má ju ojú ìwé kan lọ, ó sì ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhágún tí ó ń tún ṣe. Ó lè jẹ́ ní èdè Yorùbá. Òfin kò béèrè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè rí báyìí: “Èyí ni àfikún kìíní sí ìhágún mi tí mo fọwọ́ sí ní ọjọ́ báyìí ọdún 2011. Mo fagi lé ẹ̀bùn ilé mi ní Ekinrin-Adde tí mo fún ìyàwó mi olóògbé, mo fún ìyàwó mi Lágbájá ní ilé náà láti máa gbé títí ọjọ́ ayé rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ kí ó jẹ́ ti gbogbo ọmọ mi. Mo fagi lé ẹ̀bùn pílọ́ọ̀tì Lokongoma, mo fún àkọ́bí mi ní ṣọ́ọ̀bù kan nínú mẹ́rin tí mo kọ́ sí Kàbà, èyí tó wà ní igun ọ̀tún. Níbi tí mo ti dárúkọ ọmọ mẹ́ta, mo fi ọmọ mi Tẹ̀mẹ̀dù kún wọn. Ní gbogbo ọ̀nà yòókù, mo fi ìdí ìhágún mi múlẹ̀.”

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn lágbára ju bó ṣe rí lójú lọ. Bí a bá fi ìdí ìhágún múlẹ̀ nínú àfikún, ńṣe ló dà bí ìgbà tí a tún ìhágún náà kọ lọ́jọ́ tí a fọwọ́ sí àfikún. “Ìyàwó mi” tó ń tọ́ka sí ẹni 2011 lè bẹ̀rẹ̀ sí tọ́ka sí ẹni tó wà nílé lónìí. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dárúkọ, kí ó má fi “ìyàwó mi” lásán sílẹ̀ níbikíbi.

Bí ìgbéyàwó kóòtù bá ti pa ìhágún, àfikún tó kàn ń ṣàtúnṣe kò tó. Òkú ìhágún kì í jí fúnra rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni òfin fi sílẹ̀: kí a tún ìhágún àtijọ́ náà fọwọ́ sí lẹ́ẹ̀kan sí i níwájú ẹlẹ́rìí, tàbí kí a kọ àfikún tó sọ ọ́ kedere pé a fẹ́ kí ìhágún ọjọ́ báyìí, tí ìgbéyàwó pa rẹ́, padà ní agbára. Èrò wa ni pé ẹni tó fẹ́ ìyàwó tuntun ní kóòtù, tó bímọ, tó sì ta ilẹ̀, kí ó kúkú kọ ìhágún tuntun, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ pé òun fagi lé gbogbo ìhágún àti àfikún tí òun ti kọ ṣáájú. Àfikún dára fún àyípadà kan tàbí méjì. Nígbà tó bá di mẹ́ta, àwọn tí yóò ka ìwé náà lẹ́yìn ikú á máa ṣí ojú ìwé kan síwájú, wọ́n á máa ṣí òmíràn sẹ́yìn, ẹnì kan nínú wọn yóò sì rí ibi tí ìwé méjì ti tako ara wọn. Lẹ́yìn ìgbéyàwó ni kí ìwé tuntun wáyé. Èyí tí a kọ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó kóòtù ni ìgbéyàwó náà yóò kọ́kọ́ gbá lọ.

Bí a ṣe ń fọwọ́ sí ìhágún náà la ṣe ń fọwọ́ sí àfikún, kò sí ẹ̀dínwó kankan. Ẹni tó ni ìwé á fọwọ́ sí i ní ìsàlẹ̀, lójú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ẹlẹ́rìí á sì fọwọ́ sí i lójú rẹ̀. Bí bàbá bá fọwọ́ sí i láàárọ̀ lójú ẹlẹ́rìí kan, tí èkejì wá ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tó ti oko dé, ìwé náà kò dúró. Ẹlẹ́rìí kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ìwé fún ní nǹkan, ọkọ tàbí aya irú ẹni bẹ́ẹ̀ náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí. Bó bá ṣẹlẹ̀, ìwé kò bàjẹ́, ẹ̀bùn ẹni yẹn ló bàjẹ́. A ti rí i tí àwọn ènìyàn ń pe ìyàwó àkọ́bí láti wá ṣe ẹlẹ́rìí torí pé ó mọ̀wé. Bí ṣọ́ọ̀bù igun ọ̀tún bá jẹ́ ti àkọ́bí, ìfọwọ́sí ìyàwó rẹ̀ ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tó burú jù ni ti báírò. Bàbá ta pílọ́ọ̀tì, ó padà délé, ó mú ìhágún jáde, ó fi báírò fa igi lórí ìlà náà, ó kọ “mo ti tà á” sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tàbí ó fa igi lórí orúkọ ọmọ tó ṣẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ igi náà bá ṣì ṣeé kà, igi yẹn kò ṣe nǹkan kan, àfi tí bàbá àti ẹlẹ́rìí méjì bá fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé níbi àtúnṣe náà gan-an. Bó bá fi ọ̀dà funfun bò ó débi tí ojú kò lè rí ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ mọ́, ẹ̀bùn náà lè parẹ́ pátápátá láìsí ohun tó rọ́pò rẹ̀.

Ẹjọ́ kan wà ní Ìlú Ọba, ti Cheese àti Lovejoy, ọdún 1877, tí gbogbo ẹni tó bá ń fi báírò ṣeré lórí ìhágún yẹ kí ó gbọ́. Ọkùnrin kan fa igi lórí apá kan nínú ìhágún rẹ̀, ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé òun ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó sì gbé e jù sáàárín àwọn pépà tí kò wúlò mọ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣa á níbẹ̀, ó gbé e sí ilé ìdáná. Ìwé náà wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méje sí mẹ́jọ títí ọkùnrin náà fi kú. Àwọn adájọ́ sọ pé ìhágún náà ṣì dúró. Ọkùnrin náà fẹ́ pa á rẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kò jó o, kò fà á ya, kò sì bà á jẹ́. Òfin ń béèrè kí ìfẹ́ ọkàn àti ìbàjẹ́ ìwé náà wà pọ̀. Ẹlòmíràn lè bá bàbá sun ìwé, àmọ́ lójú bàbá àti nípa àṣẹ rẹ̀ ni. Bí bàbá bá tẹ ọmọ láago láti Ekinrin-Adde pé kí ó lọ sun ìwé tó wà ní Kàdúná, iná yẹn kò pa ìhágún rẹ́.

Ohun kékeré kan tún wà tí ojú àwọn òṣìṣẹ́ próbéètì kì í fò dá. Ihò sítépùlà ni. Ẹni tó bá tú ìhágún láti fi ṣe ẹ̀dà, tó tún dì í padà, ti fi ihò méjì tuntun sílẹ̀ lókè ìwé. Òṣìṣẹ́ tó bá rí i á béèrè bóyá ìwé mìíràn ti wà pẹ̀lú rẹ̀ rí, bóyá àfikún kan ti sọnù, ẹnì kan á sì ní láti búra lórí ihò yẹn kí iṣẹ́ tó tẹ̀ síwájú. Ẹ má ṣe fi píìnì so àfikún mọ́ ìhágún. Inú àpòòwé tirẹ̀ ni kí ó wà, ní ibi kan náà tí ìhágún wà. Bí ìhágún bá wà ní Ilé Ẹjọ́ Gíga, ibẹ̀ ni kí àfikún lọ. Àwọn tó kọ ti wọn ṣáájú 1991, nígbà tí Kwara ṣì ni wá, tí wọ́n fi í sí Ìlọrin, ní láti rántí pé àfikún tí wọ́n bá fi sí Lọ́kọ́ja lónìí lè má pàdé rẹ̀ láé bí kò bá sí ẹni tó mọ ibi tí méjèèjì wà. Bó bá jẹ́ inú ilé ni ẹni tó kọ ọ́ fi ìhágún sí, tí wọn kò rí i lẹ́yìn ikú rẹ̀, kóòtù á kọ́kọ́ gbà pé òun fúnra rẹ̀ ló bà á jẹ́ láti pa á rẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹni tó bá sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí wà.

Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ń béèrè kò pọ̀. Ọjọ́ 21 ni ìkéde ìgbéyàwó fi ń wà lára ògiri ọ́fíìsì rẹjísítrà. Nígbà tí ọkùnrin tàbí obìnrin tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ ti kú bá wá fi orúkọ sílẹ̀, kí rẹjísítrà bi í léèrè bóyá ó ti kọ ìhágún rí, kí ó sì sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé ìgbéyàwó yìí yóò pa á rẹ́. Ìlà kan nínú fọ́ọ̀mù ìkéde lè ṣe é. Kí àwọn pásítọ̀ tí ìjọ wọn ní láísẹ́ńsì ní Ìjùmú àti Kàbà náà béèrè nígbà tí wọ́n bá ń gba àwọn tọkọtaya níyànjú. Ó lè dùn wọ́n láti bá afẹ́sọ́nà sọ̀rọ̀ ikú, ṣùgbọ́n ẹni ọgọ́ta ọdún tó ní ọmọ nílé ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà.

Ti òfin fúnra rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ìlú Ọba tí òfin 1837 ti wá kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, Ìgbìmọ̀ Àtúnṣe Òfin ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales dábàá pé kí ìgbéyàwó má pa ìhágún rẹ́ mọ́, nítorí pé àwọn kan ń fẹ́ arúgbó tí orí rẹ̀ ti ń dàrú kí ìhágún tó kọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ lè parẹ́. Ní Scotland, ìgbéyàwó kì í pa ìhágún rẹ́ rárá. A kò ní kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Lọ́kọ́ja gba èyí tí Gẹ̀ẹ́sì bá gbà. Ìyàwó tuntun nílò ààbò, òfin yìí sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun díẹ̀ tó ń fún un. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kedere nínú òfin Kogi, bí Ìwọ̀-oòrùn ti ṣe ní 1958, pé ìgbéyàwó ìbílẹ̀ kì í pa ìhágún rẹ́, kí wọ́n fi ohun tí ilé ẹjọ́ sọ nínú ẹjọ́ Okotie-Eboh kún un, kí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn tí Èkó ṣí, kí ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìwé lè wọ ilé ẹjọ́ ní Kàbà láti béèrè ohun tí bàbá rẹ̀ gbàgbé láti kọ.